Lẹ́pa lánàá, ìdí ńlá lónìí: ta ló ń yí òṣùwọ̀n ara obìnrin padà?

Kò tíì pẹ́ tí àwọn oníbàárà ń bẹ télọ̀ ní Àkúrẹ́ pé kí aṣọ gbé ìdí àwọn jáde. Àwọn kan tilẹ̀ ń ra ṣòkòtò abẹ́ tí wọ́n ki fóòmù sí ní ìdí, kí gáùnù lè jókòó dáadáa. Ní báyìí, àwọn gbajúmọ̀ òkè òkun tí wọ́n mú ìdí ńlá lókìkí ti ń tẹ́ẹ́rẹ́, ìròyìn abẹ́rẹ́ tó ń mú ara fọn sì kún orí fóònù. Ìyá tó ti ń gbọ́ láti kékeré pé sísanra ni àlàáfíà, tó tún gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ pé lẹ́pa ló wà lóde, tó wá rí i tí ìdí ńlá gba ìgboro, ó tọ́ kó béèrè pé èwo ni ká mú.

Ìdí wà tí nǹkan wọ̀nyí fi ń yí, wọ́n sì ṣeé tọ́ka sí. Apá kan wà nínú oúnjẹ àti owó, apá kan sì wà nínú bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, tí wọ́n ń rán an, tí wọ́n sì ń tà á. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, ibẹ̀ ni a ó sì ti pẹ́ jù.

Kí ni a ń sọ gan-an?

Òṣùwọ̀n ara nínú àlàyé yìí ni irú ara tí àwùjọ kan gbà, ní àsìkò kan, pé ó wuyì jù lọ. Lẹ́pa ni obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, orobo ni ẹni tó sanra. Fígọ̀ éètì ni ẹni tí àyà àti ìdí rẹ̀ yọ, tí ìbàdí rẹ̀ sì wọlé. Ìbàdí tí a ń wí ni ibi tí a ń so ìró mọ́. Ìdí ni ibi tó fẹ̀ jù nísàlẹ̀ rẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì ni ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti wọ aṣọ tuntun kí àwọn oníbàárà lè rí i.

Ó wá ku sáńpù. Sáńpù ni ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ aṣọ kọ́kọ́ rán, kí wọ́n tó rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ fún títà. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀.

Kí ló mú kí sísanra jẹ́ iyì?

Nílẹ̀ tí oúnjẹ ti ń wọ́n kí ìkórè tó dé, ẹni tó sanra ń fi hàn pé àká ilé òun kò gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń dunnú bí ọmọ rẹ̀ bá ti ìrìnàjò dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tó sì jẹ́ pé bí ó bá gbẹ, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, ṣé kò sí nǹkan? Lọ́dọ̀ àwọn Ẹ́fíìkì ní Kàlábá, wọ́n máa ń fi omidan sínú yàrá kan kí wọ́n tó fà á fún ọkọ. Yóò máa jẹun dáadáa níbẹ̀, yóò máa sinmi, wọn yóò máa fi nǹkan pa á lára, wọn yóò sì máa kọ́ ọ ní ìwà ilé ọkọ. Bí ó bá jáde, ara rẹ̀ tó kún ni ẹ̀rí pé àwọn òbí rẹ̀ rí jájẹ. Nígbà tí àrùn éèdì wá tàn ká Áfíríkà lẹ́yìn ọdún 1980, rírù tún ru ẹrù ìfura mìíràn, débi pé ẹni tó kàn gbẹ nítorí iṣẹ́ ń gba àwíjàre.

Nílẹ̀ tí oúnjẹ ti pọ̀ tó sì dínwó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìjókòó ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà yí. Tálákà pàápàá lè sanra níbẹ̀, nítorí búrẹ́dì, ṣúgà àti òróró kò wọ́n. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni àkókò àti owó láti máa ṣe eré ìdárayá, kí ènìyàn sì máa ṣa oúnjẹ jẹ. Bí ara tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe di àmì olówó níbẹ̀ nìyẹn. Ní Àkúrẹ́ lónìí, ìgbésí ayé méjèèjì ń bẹ nínú ilé kan náà: ìyá àgbà tó rí ọdún ìyàn, àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀. Ojú tí wọ́n fi ń wo ara kan náà kò lè dọ́gba.

Báwo ni aṣọ òyìnbó ṣe bá ìyípadà náà lọ?

Títí di nǹkan bí ọdún 1910, àwọn obìnrin ọlọ́lá ní Yúróòpù ń fi kọ́sẹ́ẹ̀tì fún ìbàdí wọn kí àyà àti ìdí lè yọ. Ní àwọn ọdún 1920, gáùnù wọn di gbọọrọ láti èjìká dé orúnkún, kò sì ní ìbàdí rárá. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ọ̀já di àyà wọn mọ́lẹ̀ kó lè pẹlẹbẹ. Àwọn obìnrin ti ń jáde ṣiṣẹ́, wọ́n ń wa ọkọ̀, wọ́n ń ṣeré ìdárayá. Àmọ́ èyí tí wọn kì í sábà sọ ni pé aṣọ gbọọrọ rọrùn fún ilé iṣẹ́ láti rán lọ́pọ̀ yanturu. Aṣọ tí kò fún ìbàdí kò nílò kí a mọ ìwọ̀n ìbàdí ẹni tó máa rà á.

Ogun Àgbáyé Kejì wá mú kí aṣọ ṣọ̀wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1941 títí di 1949, ìjọba ló ń pín ìwọ̀n aṣọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rà. Ní oṣù kejì ọdún 1947, Christian Dior, aránṣọ ará Faransé, gbé aṣọ tuntun jáde ní Párísì: ìbàdí fún pinpin, síkẹ́ẹ̀tì gba ọ̀pọ̀ yáàdì, wọ́n sì rán tìmùtìmù sínú kóòtù láti mú ìdí fẹ̀. Lẹ́yìn ọdún tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣẹ́ aṣọ kù, aṣọ tó pọ̀ lára àti ara tó kún ló fi ọrọ̀ hàn. Fígọ̀ éètì gba ayé.

Kò tó ogún ọdún tó fi tún dojú rú. Ní 1966, ọmọdébìnrin ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní Twiggy di gbajúmọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì. Ọmọ ọdún 16 ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọkùnrin. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń náwó sórí aṣọ nígbà náà, àwọn ni ọjà sì dojú kọ. Ẹ kíyè sí ọjọ́ orí rẹ̀: ìdí ọmọ ọdún 16 kò tíì fẹ̀ tán. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ara ọmọdé ta aṣọ fún àgbàlagbà. Ní àwọn ọdún 1990, ìpolówó ilé iṣẹ́ aṣọ Calvin Klein pẹ̀lú Kate Moss, mọ́dẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ẹ́rẹ́, tún fi agbára sí i.

Kí ló dé tí mọ́dẹ́ẹ̀lì fi gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́?

Ọ̀pọ̀ rò pé ó kàn wu àwọn tó ń ya àwòrán aṣọ ni. Ó lè wù wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò iṣẹ́ wọn ló so ó mọ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá ń gbé aṣọ tuntun jáde ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú kí aṣọ náà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí wọ́n fi hàn ní oṣù kejì tàbí ìkẹta ni wọn yóò tà nígbà òtútù, èyí tí wọ́n fi hàn ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá sì di ti ọdún tó ń bọ̀. Nígbà ìfihàn náà, sáńpù nìkan ló wà nílẹ̀, ẹyọ kan fún oríṣi kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ń gé sáńpù kí wọ́n tó mọ mọ́dẹ́ẹ̀lì tó máa wọ̀ ọ́. Ó lè ku ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n tó yan ẹni tó máa rìn. Fún ìdí yìí, wọ́n fẹnu kò sí ìwọ̀n kan, wọ́n sì wá ènìyàn tó bá a mu. Ó dà bí ìgbà tí iléèwé ra bàtà kan ṣoṣo fún eré ọdún, tí wọ́n wá ń wá ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́: ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi kò ṣẹ̀, àmọ́ kò ní jó. Ìwọ̀n tí wọ́n ń wá ni àyà bí ínṣì 34, ìbàdí 24, ìdí 34 tàbí díẹ̀ sí i, lára ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 10.

Bí ìfihàn bá parí, sáńpù yẹn náà ni wọ́n ń yá àwọn ìwé ìròyìn láti fi ya fótò. Ọwọ́ kan ń gbé e fún èkejì. Nítorí náà, bí olóòtú ìwé ìròyìn bá tilẹ̀ fẹ́ fi obìnrin tó sanra sójú ìwé, aṣọ tó máa wọ̀ kò sí nílẹ̀.

Ṣé wọn kò lè rán sáńpù mìíràn fún ara ńlá? Wọ́n lè rán an, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí a kàn fẹ aṣọ àkọ́kọ́ lójú. Ara tó sanra kì í sanra níbi kan náà. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ sí apá, ẹlòmíràn sí ikùn, ẹlòmíràn sí itan. Wọ́n ní láti ya pátánì tuntun, kí wọ́n fi aṣọ tó dínwó rán an dán wò, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n tó gé èyí tó jẹ́ gidi. Owó ni, àkókò sì ni, ilé iṣẹ́ tó bá sì ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bi òun kò ní ná an. Nínú ìfihàn 208 tí ìwé ìròyìn òwò aṣọ Vogue Business kà fún aṣọ ìgbà ìrúwé àti ooru ọdún 2025, nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún aṣọ ló wà lára àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tó sanra kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí jẹ́ lẹ́yìn gbogbo ariwo pé ilé iṣẹ́ aṣọ ti gba gbogbo ara mọ́ra.

Ṣé fótò lásán lè ṣe nǹkan fún ènìyàn?

Erékùṣù Fíjì jẹ́ kí a rí i. Bí ti tiwa, ara tó kún ni wọ́n ń yìn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nàdírógà ní 1995. Anne Becker, oníṣègùn ọpọlọ láti Amẹ́ríkà, bi àwọn ọmọbìnrin iléèwé níbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ ní ọdún yẹn, ó sì bi àwọn ẹgbẹ́ wọn ní 1998. Ní 1995, kò sí ọ̀kan tó ní òun ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kí òun lè fọn. Lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìjọba kan ti gbìyànjú. Ní 2006, ìfihàn aṣọ ti Màdríìdì kọ àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì tó rù jù. Ní 2012, Ísírẹ́lì ṣòfin pé mọ́dẹ́ẹ̀lì tí ìwọ̀n ara rẹ̀ kò tó 18.5 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, àti pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ìpolówó bí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà mú ara fọn nínú fótò. Bí a ṣe ń ṣírò ìwọ̀n ara yìí ni pé kí a fi gíga, ní mítà, sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí a wá fi èsì rẹ̀ pín ìwúwo ní kílò. Ẹni tó ga ní mítà 1.75 gbọ́dọ̀ wúwo tó kílò 57. Ilẹ̀ Faransé náà ń béèrè ìwé ẹ̀rí dókítà láti 2017. Àwọn òfin yìí dára, mo sì fẹ́ kí irú wọn pọ̀, àmọ́ ara mọ́dẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọn kò fọwọ́ kan sáńpù tó ń wá ara bẹ́ẹ̀.

Báwo ni lẹ́pa ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, Agbani Darego, ọmọ ìpínlẹ̀ Rivers, gba adé ẹwà gbogbo àgbáyé ní Sun City, Gúúsù Áfíríkà. Òun ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ó ti gbẹ jù, pé àwọn kì bá tí yàn án. Àwọn ọ̀dọ́ rí i pé ara tí wọ́n ti ń pè ní ara ebi ló gba adé àti owó, lẹ́pa sì di orin ẹnu.

Láàárín àwọn ọdún 2010, ẹ̀rọ fótò orí fóònù tún gbé ìdí ńlá padà dé, pẹ̀lú ìbàdí tó fún ju èyí tí ara sábà máa ń ní lọ. Àwọn kan lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá láti ikùn sínú ìdí. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kìlọ̀ pé ó lè tó ẹnì kan nínú 3,000 tó ń kú sí i. Ọ̀rá náà ń wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ìdí, a sì gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró.

Abẹ́rẹ́ tó wà lóde báyìí, Ozempic, oògùn àtọ̀gbẹ ni. Ní 2021, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan náà, lórúkọ mìíràn, fún àwọn tí sísanra ti di àìsàn fún. Ó ń pa ebi. Ó lè fa èébì àti inú rírun, ẹran ara a sì máa bá ọ̀rá lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan tí àwọn ènìyàn dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo tó lọ ti padà. Kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìpara.

Kí ló dé tí aṣọ inú fótò kì í bá yín mu?

Ìró àti bùbá kò ní wàhálà yìí. Ìró ń wé mọ́ ara tó bá bá pàdé. Bí ara bá fẹ̀, a tún un so. Gáùnù tó lẹ̀ mọ́ ara ló ń dúró gbọn-in, tó fi wá dà bíi pé ara ló ṣẹ̀.

Ká sọ pé obìnrin kan fẹ́ rán aṣọ ẹbí fún ọdún Èkìmògún ní Oǹdó. Àyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 42, ìbàdí 36, ìdí 48. Ó mú fótò mọ́dẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ 34, 24, 34 wá. Bí ilé iṣẹ́ bá ń fẹ sáńpù sí sáìsì ńlá, wọ́n sábà ń fi nǹkan bí ínṣì 2 kún gbogbo ibi lẹ́ẹ̀kan náà fún sáìsì kọ̀ọ̀kan. Kí àyà tó dé 42, wọ́n ti fi ínṣì 8 kún un. Ìbàdí di 32, ìdí di 42. Àyà bá a mu, àmọ́ ìbàdí fi ínṣì 4 kéré, ìdí sì fi 6 kéré, láìtíì ka ààyè tí ènìyàn fi ń mí àti tí ó fi ń rìn. Bí mọ́dẹ́ẹ̀lì náà bá tún ga jù ú lọ, ibi tí wọ́n fún ní ìbàdí lè fi ínṣì 1 sí 2 wá sílẹ̀, kó bọ́ sórí ikùn rẹ̀ gan-an. Obìnrin náà á wo dígí, á ní ikùn òun ló ba aṣọ jẹ́. Irọ́ ni. Ìṣirò ló bà á jẹ́.

Télọ̀ tó bá ń fi pátánì orí fóònù gé aṣọ láìwọn oníbàárà ń tún àṣìṣe yìí ṣe. Bí ẹ bá wọ aṣọ náà dán wò, yóò fúnra rẹ̀ sọ ibi tó dùn ún. Ìlà tó na gbalaja lórí itan ń sọ pé ìdí kéré. Ìlà tó ti orí ọmú lọ sí abíyá ń sọ pé àyà kò gbà. Bí ẹ̀yìn gáùnù bá ń gòkè tí iwájú dúró, a kò ka ìdí sí nígbà tí a ń wọn gígùn.

Kí wọ́n wọn yín pẹ̀lú kọ́múù àti ṣòkòtò abẹ́ tí ẹ máa wọ̀ sí i. Kí wọ́n wọn láti èjìká dé orí ọmú, dé abẹ́ ọmú, dé ìbàdí àti dé ibi tí ìdí ti yọ jù, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí àwọn ìwọ̀n ìsàlẹ̀ yìí ni fótò kì í sọ. Kí wọ́n wọn ìdí ní ìdúró, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní ìjókòó. Èyí tó tóbi nínú méjèèjì ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n fi aṣọ láínì tó dínwó gé e dán wò kí wọ́n tó gé léèsì, kí wọ́n sì fi ínṣì kan sílẹ̀ nínú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó lè ṣeé tú.

Kọ́sẹ́ẹ̀tì tó wá padà wọ òde wa ńkọ́?

Kọ́sẹ́ẹ̀tì tí a ń rán mọ́ aṣọ ẹbí báyìí ń fi eegun ike àti okùn ẹ̀yìn ṣe iṣẹ́ tó ṣe ní Yúróòpù kó tó di ọdún 1910. Bí a bá gé e dáadáa, ó ń gbé àyà ró láìsí wàhálà. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá ní kí ìbàdí òun dà bíi ti inú fótò. Ínṣì 2 ni kí ó fi fún ìbàdí mọ, fún ẹni tí kò bá ń wọ̀ ọ́ déédéé. Kí ojú okùn ẹ̀yìn má pàdé tán. Kí ó ku bí ínṣì 2 láàárín wọn, kí ẹ lè tú u díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ní ọjọ́ ìdánwò, ẹ jókòó nínú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Bí ó bá jẹ́ òkè àyà nìkan lẹ fi ń mí, tí oúnjẹ ń ta yín lọ́fun, tàbí tí itan ń kú tipiri, kí télọ̀ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sílé.